Ìbéèrè 17: àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ló ṣì í. Ṣé ká yọ ọ́ dànù ni?

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fún SS2 ní ìdánwò bàọ́lọ́jì, ọbujẹ́tíìfù 40, A dé D. Ọmọ 74 ló ṣe é. Inú àkójọ ìbéèrè tí ẹ̀ka wa ti ń lò tipẹ́ ni mo ti mú wọn, pẹ̀lú ìwé ìdáhùn tó bá wọn wá. Igbákejì ọ̀gá wa ní kí n ṣírò ìwọ̀n ìṣòro (p) àti ìwọ̀n ìyàtọ̀ (D) fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí n sì yọ gbogbo èyí tí D rẹ̀ kò bá tó 0.20. Mo ṣe é, 14 ló yẹ kó lọ. 17 àti 29 tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo: àwọn tó gbẹ̀yìn ló gbà wọ́n ju àwọn tó ṣáájú lọ. Mo sì ti lẹ èsì mọ́ ògiri. Ṣé kí n yọ gbogbo wọn ni?

---

Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Èyí kò le. Nígbàkúùgbà tí D bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, ìwé ìdáhùn ló ní àṣìṣe. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. Ẹ wo lẹ́tà tí àwọn ọmọ òkè mú jù, ẹ fi ìyẹn ṣe ìdáhùn, ẹ tún un máàkì, ó tán.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lórí Excel: ẹ fi orúkọ sí A, àpapọ̀ máàkì sí B, kí lẹ́tà tí ọmọ mú ní ìbéèrè kìíní bẹ̀rẹ̀ láti C. Ìbéèrè 17 á bọ́ sí S. Ẹ to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gbà kéré jù. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ 74 jẹ́ 20, nítorí náà 20 àkọ́kọ́ ni ọ̀wọ́ òkè, 20 ìkẹyìn ni ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ ka àwọn tó mú lẹ́tà tó tọ̀nà nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, ẹ pe ti òkè ní O, ẹ pe ti ìsàlẹ̀ ní I.

```
=COUNTIF(S2:S21,"C")
=COUNTIF(S56:S75,"C")

p = (O + I) / 40
D = (O - I) / 20
```

Bí p bá ṣe ń ga sí i ni ìbéèrè ń rọrùn sí i. Bí D bá ṣe ń ga sí i ni ìbéèrè ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti 12 yòókù, mo fara mọ́ ọ̀gá yín. Ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì gbà kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ yọ ọ́.

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

Àǹtí Tíṣà, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìwé ìdáhùn yẹn.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ní ìgbéléwọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: àwọn ọmọ tí kò mú lẹ́tà tó tọ̀nà, èwo ni wọ́n mú? Kọ̀ǹpútà ní kí ẹ ka lẹ́tà kan péré. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí ẹ kà, nínú ọ̀wọ́ òkè àti nínú ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí D bá lọ sísàlẹ̀ òdo, gbogbo ohun tó ń sọ ni pé wàhálà wà nínú ìbéèrè yẹn. Ohun tó fa wàhálà náà, inú àwọn lẹ́tà yòókù lẹ ó ti rí i. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ìtẹ̀wé lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ìdáhùn méjì ló tọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó ronú jinlẹ̀ rí nǹkan nínú ìbéèrè náà tí ẹni tó kọ ọ́ kò rí.

Ẹ gbé 17 àti 29 wá síbí, bí wọ́n ṣe wà lórí ìwé gan-an, pẹ̀lú iye ọmọ tó mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

---

Màmá Ìbejì, Láfẹ́nwá

Òbí ni èmi, n kì í ṣe tíṣà. Ẹ máa bínú sí mi tí mo bá ṣì í gbọ́, àmọ́ kí ni ẹ ń pè ní ọmọ òkè àti ọmọ ìsàlẹ̀? Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi wà ní JSS, wọ́n kó o lọ sí kíláàsì àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n fi èkejì rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Títí di báyìí, bí mo bá ní kó mú ìwé, á ní òun kò lórí ìwé. Ṣé ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìyẹn?

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Màmá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ọmọ tí a kó lọ síbì kankan, kò sì sí ọmọ tó mọ̀ pé òun wà nínú ọ̀wọ́ kan. Orí ìwé ìṣirò nìkan ni òkè àti ìsàlẹ̀ yìí wà, fún wákàtí tí mo fi ń wo ìbéèrè. Ìbéèrè ni mo ń dán wò níbẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni bóyá ìbéèrè kan ti fìyà jẹ ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà.

Ìyá, ẹ wò wọ́n. Ìbéèrè 17: *Èwo nínú àwọn iṣan wọ̀nyí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn?* A ni iṣan àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. B ni iṣan àbọ̀ tó ti ẹ̀dọ̀fóró wá sínú ọkàn. C ni àọ́tà. D ni iṣan àbọ̀ ńlá tó ń da ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara padà sínú ọkàn. Ìwé ìdáhùn ní C.

```
17        A    B    C    D
Òkè       1   12    6    1
Ìsàlẹ̀     6    3    9    2
```

Ìbéèrè 29: iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. A ni pé kó gbé ọ́síjìn káàkiri ara, D ni pé kó mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí ọgbẹ́ bá wà. Ìwé ìdáhùn ní D.

```
29        A    B    C    D
Òkè      17    1    1    1
Ìsàlẹ̀     8    4    3    5
```

---

Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Ẹ wo 29! Ohun tí mo sọ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì pupa kọ́ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. A ló tọ̀nà, wọ́n tẹ D. Pẹ̀lú D, p jẹ́ 0.15, ìwọ̀n ìyàtọ̀ sì wà ní 0.20 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ fi A sí i, p á di 0.63, ìwọ̀n ìyàtọ̀ á di 0.45. Ìbéèrè tó dára gan-an ni, ìwé ìdáhùn ló bà á jẹ́.

Bákan náà ni 17. Ẹ fi B sí i. Òkè 12, ìsàlẹ̀ 3, ìwọ̀n ìyàtọ̀ 0.45.

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

O gba 29, mo fún ọ. Bí àṣìṣe ìtẹ̀wé ṣe máa ń rí nìyẹn: àwọn ọmọ òkè rọ́ sí ojú kan ṣoṣo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kankan nínú wọn lórí lẹ́tà tí ìwé ìdáhùn mú. 17 nínú 20 wà lórí A, ẹyọ kan ló wà lórí D.

17 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn ọmọ òkè ṣe pín sí méjì, 12 síhìn-ín, 6 sọ́hùn-ún. Bí o bá ti rí i pé ọ̀wọ́ òkè pín sórí lẹ́tà méjì tí wọ́n sì sá fún ìyókù, dá ìṣirò dúró, kó o ka ìbéèrè náà bíi pé o kò rí i rí. Àọ́tà ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Òótọ́ ni. Iṣan àbọ̀ tó ti ẹ̀dọ̀fóró wá ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ́síjìn wá sínú ọkàn. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ìdáhùn méjì ló tọ̀nà.

Kí ló wá dé tí àwọn ìsàlẹ̀ fi gba C ju àwọn òkè lọ? Òfin kan tí àwọn ọmọ máa ń há sórí ni pé iṣan àlọ ló ní ọ́síjìn, iṣan àbọ̀ kò ní. Ẹni tí òfin yẹn nìkan wà lórí rẹ̀ á wá iṣan àlọ kiri. Méjì ló wà níbẹ̀, A àti C. Ẹ ka àwọn ìsàlẹ̀ tó wà lórí méjèèjì: 6 àti 9, 15 nínú 20. Àwọn òkè mọ̀ pé ti ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ sí òfin. Ibi tó yàtọ̀ yẹn ni tíṣà máa ń tẹnu mọ́ ní kíláàsì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n sáré lọ. Wọ́n rí B, wọ́n mú un. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ju àwọn ìsàlẹ̀ lọ ló mú kí wọ́n pàdánù máàkì.

Nítorí náà B àti C ló yẹ kí ẹ gbà. Òkè á di 18, ìsàlẹ̀ á di 12. p jẹ́ 0.75, D jẹ́ 0.30.

---

Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Ìyá, ẹ má bínú. B nìkan fún wa ní 0.45, B àti C fún wa ní 0.30. Bó bá jẹ́ pé D ló ń sọ bí ìbéèrè ṣe dára tó, kí ló dé tí a ó fi mú èyí tó kéré? Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé àwọn tó mú C ní ìsàlẹ̀, òfin àhásórí ni wọ́n tẹ̀ lé. A fẹ́ fún wọn ní máàkì tí wọn ò ṣiṣẹ́ fún.

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

Nítorí pé àọ́tà ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn, ọmọ mi. Kò sí iye D tó lè sọ òótọ́ di irọ́. Ọmọ tó mú C dáhùn ohun tí a bi í, ó sì dáhùn rẹ̀ ní tòótọ́. O kò lè mọ bó ṣe ronú dé ibẹ̀ láti ara lẹ́tà kan. 6 nínú àwọn ọmọ òkè mú C pẹ̀lú. Ṣé àwọn náà há a sórí ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣì í lò nìyí. Kí ni D ń fi ìbéèrè wé? Àpapọ̀ máàkì inú ìdánwò kan náà. Ohun tó ń sọ ni pé ìbéèrè yìí ń bá àwọn 39 yòókù rìn tàbí kò bá wọn rìn. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló ń sọ ìdáhùn tó tọ̀nà. Bí a bá ń yan lẹ́tà nítorí pé ó mú D ga, a ti fi ìṣirò ṣe adájọ́ lórí bàọ́lọ́jì.

Ohun tí o fẹ́ ṣeé ṣe nígbà mìíràn, nípa títún ìbéèrè náà kọ. Kí a mú àọ́tà kúrò, kí a fi iṣan àbọ̀ tó ti kíndìnrín wá rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn á di ẹyọ kan, B. Ẹni tó há òfin sórí á sì lọ sórí A, èyí tó jẹ́ àṣìṣe, a ó sì rí i kedere.

---

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin, Ọ̀sìẹ̀lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ tèmi náà. Ọmọ 18 ló wà ní kíláàsì mi. Mo mú ìdá 27 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, 5 lókè, 5 nísàlẹ̀. Ìbéèrè ìṣirò kan fún mi ní D òdo, mo gé e kúrò. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ọmọ kan tó wà lókè kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ó fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ láìdáhùn. Bó bá dáhùn rẹ̀ tó sì gbà á, ṣé D á yí padà?

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

Ó di 0.20 lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ ẹni 5, ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbé D sókè tàbí sílẹ̀ ní 0.20. Nínú ọ̀wọ́ ẹni 20 ti Àǹtí Tíṣà, ọmọ kan jẹ́ 0.05. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi ẹsẹ̀ kan òkè ààlà tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dá ìbéèrè lẹ́bi.

Ìdá 27 yẹn, Truman Kelley ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1939. Bí o bá mú ìdá tó kéré, àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì á jìnnà síra wọn dáadáa, àmọ́ ènìyàn inú wọn á kéré jù. Bí o bá mú ìdá tó pọ̀, ènìyàn á pọ̀, àmọ́ ọ̀wọ́ méjèèjì á jọra wọn jù. 27 ni ibi tí méjèèjì ti bára dọ́gba, bí máàkì bá pín bó ṣe máa ń pín nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ 18. Ẹ pín tiyín sí méjì gbọọrọ, 9 lókè, 9 nísàlẹ̀. Ẹ tọ́jú èsì ọdún yìí, kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ tọdún tó ń bọ̀ lórí ìbéèrè kan náà. Kí ìyẹn tó dé, iye ọmọ tó mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á wúlò fún yín ju D lọ.

---

Olùkọ́ Ìtàn, Ṣápọ́n

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ D ṣáá. Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn ìbéèrè tó rọrùn, nítorí mélòó nínú 14 ni irú wọn?

Mo bi àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ní ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú yìí dó. 1830. Nínú 32 tí mo kà, òkè àti ìsàlẹ̀, 31 ló gbà á. Ìgbà tí mo ń kọ́ni ní Ìkòròdú, ìbéèrè yẹn kan náà, lẹ́tà mẹ́rin kan náà, kò tó ìdajì tó gbà á, ó sì ya àwọn tó kàwé sọ́tọ̀ dáadáa. Níbí, wọ́n ti gbọ́ ọ nílé, wọ́n ti gbọ́ ọ lábẹ́ Òkúta Olúmọ, kó tó di pé mo wọ kíláàsì. Nítorí náà n kì í gbà bí ẹnì kan bá kọ p sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè bíi pé ara ìbéèrè ló wà. Ara ìbéèrè àti àwọn ọmọ tó dáhùn rẹ̀ ló wà.

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Gbogbo wọn ni p wọn ju 0.85 lọ. Àpẹẹrẹ: ẹ̀fọn tó ń gbé ibà káàkiri. Òkè 20, ìsàlẹ̀ 18. p jẹ́ 0.95, D jẹ́ 0.10.

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn dáadáa. Ọmọ 2 péré ló ṣì í, àwọn méjèèjì sì wà nísàlẹ̀. Kò sí bí ìbéèrè yẹn ṣe lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. 2 lórí 20 ni 0.10. Bí p bá ti wà ní 0.95, 0.10 ni D tó ga jù tó lè ní. Ní p 0.90, ó lè dé 0.20 géérégé, bí gbogbo ẹni tó ṣì í bá wà nísàlẹ̀. Nítorí náà òfin tí igbákejì ọ̀gá fi lélẹ̀ yìí, ó ti dájọ́ ìbéèrè tí p rẹ̀ ju 0.90 lọ kí ọmọ kankan tó jókòó.

Robert Ebel ló fi àwọn ààlà tí a ń lò wọ̀nyí sílẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà: 0.40 lọ sókè dára gan-an, ìsàlẹ̀ 0.20 kò dára, kí a tún un ṣe tàbí kí a yọ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé títún ṣe wà níbẹ̀. Òun kọ́ ni wọ́n sọ fún Àǹtí Tíṣà.

Ohun tí ìdánwò wà fún ló máa sọ. Bí a bá fẹ́ mú ọmọ 30 nínú 300 tó ń wá ààyè, ìbéèrè ẹ̀fọn kò wúlò, ó ń gba ààyè lásán. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá SS2 ti gbọ́ ohun tí a kọ́ wọn, 0.95 jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

---

Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Mo gba ti ìṣirò yẹn. Àmọ́ n kò tíì gbà pé kí mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. 9 nínú 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdánwò tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn, báwo la ṣe fẹ́ fi to àwọn ọmọ ní ipò kìíní, ipò kejì? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ipò ni àwọn òbí ń kọ́kọ́ wò lórí káàdì èsì. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ tún ìyókù kọ.

---

Olùkọ́ Ìtàn, Ṣápọ́n

Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Tèmi ni pé kí wọ́n tètè wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ọkàn ọmọ balẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ tó mẹ́sàn-án, mo gbà.

---

Ọ̀gá Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹmọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìṣirò, ẹ kò sọ̀rọ̀ ògiri. Èsì ti wà lára ògiri. Àwọn òbí ti ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà lọ́la, ọmọ tó ṣe ipò kẹrin á di ìkẹfà, ìyá rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí agogo tó lù. Ẹ tún ìbéèrè ṣe fún ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ fi èsì yìí sílẹ̀. Máàkì méjì nínú 40 kò pa ẹnikẹ́ni.

---

Màmá Ìbejì, Láfẹ́nwá

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, tó bá jẹ́ ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n tí wọ́n fà á sí ṣì, mo fẹ́ kí wọ́n dá a padà fún un. Ọmọ náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun gbà á. Ó ti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti wo ìwé. Bí tíṣà bá sì mọ̀ tó dákẹ́, kí ni ọmọ yẹn á gbà gbọ́ mọ́?

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Mo ti ka gbogbo ìwé ọmọ 74, kì í ṣe 40 nìkan. Ní 17, 27 ló mú B. Bí mo bá gba B àti C, 27 á gba máàkì kan, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù. Ìyẹn rọrùn, mo ti ṣe é.

29 ló le. 44 ló mú A, wọ́n á gba máàkì. Àmọ́ 10 ló mú D, máàkì ti wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ wọn sì wà lára ògiri. Ṣé kí n gbà á padà lọ́wọ́ wọn?

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

Ìṣirò kò lè dáhùn ìyẹn fún yín. Bí a bá ń tẹ̀ lé òtítọ́, D kò tọ̀nà, kò yẹ kó ní máàkì. Èmi ì bá gbà á padà, kí n pe àwọn 10 náà, kí n fi ìwé ìdáhùn hàn wọ́n, kí n ṣàlàyé. Mo mọ olùkọ́ tó dára tí á fi sílẹ̀ fún wọn nítorí pé àṣìṣe wá láti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́. N kò lè pe onítọ̀hún ní aláìṣòótọ́.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé bí ẹ bá ti tún máàkì ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ tún àwọn ọmọ tò. Àwọn tó wà nínú 20 òkè lè yí padà, D gbogbo ìbéèrè á sì mì díẹ̀. Ẹ má fi ìwọ̀n àtijọ́ ṣe ìpinnu.

---

Ọ̀gá Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹmọ̀

Gbígbà padà yẹn ni mo lòdì sí pátápátá. Ẹ fún àwọn 44, ẹ má fọwọ́ kan àwọn 10.

---

Kọ̀ǹpútà, Kútọ̀

Ẹ gbà á padà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ní máàkì kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tó bá bínú, ẹ fi ìwé hàn án.

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Mo tún wọn tò. Ọmọ méjì jáde kúrò nínú 20 òkè, méjì mìíràn wọlé. Ìbéèrè 8 tó wà ní 0.15 tẹ́lẹ̀ ti di 0.20, n kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ǹ bá ti jù ú nù.

Méjì ló kù nínú àwọn tí kò ṣe dáadáa. 33 lórí ilé ìtọ̀ àti kíndìnrín: òkè 7, ìsàlẹ̀ 5. p 0.30, D 0.10. Nígbà tí mo ka lẹ́tà, àwọn ìsàlẹ̀ pín sí 5, 5, 5, 5. Àwọn òkè jẹ́ 4, 5, 7, 4.

Èkejì ni 21, àwòrán ọkàn tí ọfà tọ́ka sí yàrá kan, kí wọ́n sọ orúkọ yàrá náà. Òkè 12, ìsàlẹ̀ 10. p 0.55, D 0.10. Mo ti ka ìbéèrè yẹn títí, n kò rí àléébù kankan. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ̀nà.

---

Ìyá Ìgbéléwọ̀n, Òkè-Ìléwó

33 yẹn, ìméfò ni. Lẹ́tà mẹ́rin, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á gbà á ní ìdá kan nínú mẹ́rin, 0.25. Tiyín jẹ́ 0.30. Nígbà tí àwọn ìsàlẹ̀ bá pín dọ́gba bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkè pàápàá kò yàtọ̀ púpọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó dá ìbéèrè lẹ́bi, ẹ wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ wo lẹ kọ́ wọn ní kíndìnrín?

Ní ti 21, kíláàsì mélòó ni SS2 yín pín sí? Ẹ pín àwọn 40 sí kíláàsì tí wọ́n ti wá, kí ẹ tún un kà.

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Ìbarà

Kíndìnrín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdíje eré ìje ilé-sí-ilé. Ẹ̀kọ́ kan ló yẹ kó jẹ́ mẹ́ta. Mo máa tún un kọ́ wọn, 33 á sì dúró bó ṣe wà.

Mo ti pín 21. SS2A: òkè 10 nínú 11, ìsàlẹ̀ 7 nínú 10. SS2B: òkè 2 nínú 9, ìsàlẹ̀ 3 nínú 10. Mo wá gbé ìwé ìbéèrè kíláàsì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀rọ ẹ̀dà ti dúdú nígbà tó kan ti SS2B, ẹnu ọfà náà parẹ́, ibi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tọ́ka sí ògiri tó wà láàárín yàrá méjì. Ọmọ SS2B kankan kò lè mọ yàrá tí a ń béèrè.

Mo fẹ́ fún gbogbo SS2B ní máàkì yẹn. Ẹnì kejì mi tó ń kọ́ SS2A ní rárá, kí a yọ 21 fún kíláàsì méjèèjì, kí a máàkì lórí 39. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ SS2A tó rí ọfà dáadáa tí wọ́n sì gbà á á pàdánù. Bí a bá ṣe tèmi, àwọn ọmọ SS2B tí kò mọ yàrá kankan nínú ọkàn á gba máàkì ọ̀fẹ́. A ò tíì fẹnu kò. Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé, kó sọ ohun tó ṣe.